Ìparí lẹ́tà iye owó: ẹ̀bẹ̀, ìkánjú, tàbí ọ̀rọ̀ tó dúró ṣinṣin?

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń wá kọ lẹ́tà lọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin kì í sábà ní ìṣòro pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà. Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn ló máa ń dá wọn dúró, níbi tó ti yẹ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ń ka lẹ́tà ṣe. Ẹnì kan á ní, "Ṣáà fi àdúrà parí ẹ̀." Ẹlòmíì á ní kí n kọ ọ́ kó le dáadáa, kí oníbàárà má baà sá lọ bá ẹlòmíì. Àwọn méjèèjì ló ń pàdánù iṣẹ́, ó sì ń dùn mí, nítorí pé mo máa ń rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, mo sì mọ̀ pé ó dáa.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lò níbí, pẹ̀lú ìparí mẹ́rin tó yàtọ̀ síra. Bí a bá ń fi lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wéra, a ò ní mọ̀ bóyá ìparí ló ṣiṣẹ́ tàbí ọjà náà ló wu èèyàn.

## Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀

Bàbá kan tó ń hun aṣọ òfì ní Ìlọrin ló ni lẹ́tà. Àlàájà kan ní Ọ̀fà fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, ó sì ti pe bàbá lórí fóònù láti béèrè iye tí gèlè àti ìborùn 40 yóò jẹ́ fún ẹbí ìyàwó. Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó. Ọjọ́ Alámìísì, ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ni bàbá wá bá mi. Iye owó ti wà nínú lẹ́tà, àwòrán méjì náà wà níbẹ̀: ọ̀kan jẹ́ àlàárì pupa, èkejì jẹ́ ẹtù dúdú tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lára. Orí Wasáàpù ni lẹ́tà yóò gbà lọ. Ìparí ló kù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Àlàájà ló kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, a ó padà sórí rẹ̀.

## Ìparí ẹlẹ́bẹ̀

Bí bàbá ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi nìyí:

> Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé a ń yọ yín lẹ́nu. A mọ̀ pé ẹ ò ráyè. Tó bá ṣeé ṣe, tó bá sì wù yín, inú wa á dùn tí ẹ bá lè rò wá wò nígbà tí àyè bá yọ. A ń retí yín. Kí Ọlọ́run bá wa ṣe é.

Ọmọlúàbí ló kọ ọ́, kò sí ẹni tó máa kà á tí inú á bí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kí ni Àlàájà máa ṣe tó bá kà á tán? Kò sí ohun kan tó ní kó ṣe. "Ẹ rò wá wò" kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè parí. "Nígbà tí àyè bá yọ" kò ní ọjọ́. Bí obìnrin tó ń ṣètò ìgbéyàwó bá gba irú lẹ́tà yìí, á ní "A ti rí i, ẹ ṣé," á sì gbé fóònù sílẹ̀ láti lọ bá alásè.

Ibi tó burú jù níbẹ̀ ni "ẹ má bínú pé a ń yọ yín lẹ́nu". Àlàájà ló pè. Kò sí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu. Bí a bá ń tọrọ àforíjì fún ohun tí oníbàárà fúnra rẹ̀ béèrè, ńṣe là ń sọ fún un pé àwa fúnra wa ò dá lójú pé iṣẹ́ wa tó ohun tí èèyàn ń béèrè. Ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìtọrọ àforíjì. "Àlàájà" ní ìbẹ̀rẹ̀ àti "ẹ" jálẹ̀jálẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ọ̀wọ̀ tán.

Èsì tí ìparí yìí ń mú wá ni ẹ fi ń dá a mọ̀. Bí ẹ bá ń gba "A ó rí yín" tàbí "Inṣá Allah" lẹ́yìn gbogbo lẹ́tà, tí kò sì sí ìbéèrè kankan tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ yín. Wọn ò rí ibi tí wọ́n máa gbà wọlé ni.

## Ìparí akánjú

Ọmọ bàbá, tó ń tajà ní ìgboro, ní kí a kọ ọ́ báyìí:

> Àlàájà, ẹ má jẹ́ kí àǹfààní yìí bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ o! Iye yìí ò ní kọjá ọ̀la. Àwọn èèyàn ti ń sanwó lọ́tùn-ún lósì. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọjọ́ ọmọ yín dùn ún wò, ẹ san àsansílẹ̀ lónìí. Ẹ má sọ pé a ò sọ fún yín o.

Ó ní ohun kan tí ìparí àkọ́kọ́ ò ní: ó sọ ohun tó fẹ́, ó sì sọ ìgbà. Mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ìṣòro mẹ́ta ló gbé wọlé.

Èkíní, ọjọ́ tó dá kì í ṣe òótọ́. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí iye owó ní ọ̀la? Kò sí nǹkan kan. Bí Àlàájà bá pè ní ọ̀túnla, bàbá á gba iye yẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí bàbá bá sọ ọjọ́ kan fún un, kò ní gbà á gbọ́, títí kan ọjọ́ tó jẹ́ òótọ́.

Èkejì, ó fi ọmọ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. "Tí ẹ bá fẹ́ kí ọjọ́ ọmọ yín dùn ún wò" túmọ̀ sí pé bí kò bá sanwó, kò fẹ́ ire ọmọ rẹ̀. Ìyá kan ò ní gbójú fo irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀kẹta, òun ló sì máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu jù: ìkánjú ló ń pe nájà-nájà. Bí ẹni tó ń ka lẹ́tà bá ti gbọ́ "lónìí, lónìí", ohun tó gbọ́ ni pé ẹni yìí nílò owó gidigidi. Èsì rẹ̀ á sì jẹ́ "Ó ti wọ́n jù, ẹ lọ gé e wálẹ̀." Mo ti kọ irú lẹ́tà yìí fún ẹnì kan rí, tó ń ṣe àga, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbà á ní kó yọ ìdámẹ́ta kúrò lára owó. Èmi ni mo fún un ní ọ̀nà láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ níbí.

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìwà ẹ̀dá ti sọ ìdí rẹ̀. Ní 1966, Jack Brehm, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé bí èèyàn bá rí i pé wọ́n fẹ́ gba òmìnira yíyàn lọ́wọ́ òun, ọkàn rẹ̀ á gbógun tì í, á sì máa wá bó ṣe máa gba òmìnira yẹn padà, nígbà míì nípa ṣíṣe òdìkejì ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Àwa náà mọ̀ ọ́n: bí ẹnìkan bá fà wá láṣọ ní Ìpàta pé ká wá rajà, a ó já ọwọ́ rẹ̀ kúrò kódà bó bá jẹ́ ohun tí a wá rà ló ń tà.

## Ìparí onílẹ̀kùn púpọ̀

Èyí kò pẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n òun ló pọ̀ jù lóde:

> Ẹ lè pè wá, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ lè wá sọ́dọ̀ wa, ẹ lè wo àwọn iṣẹ́ wa míì, ẹ lè san àsansílẹ̀, ẹ sì bá wa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín.

Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì kánjú. Ó kàn to ilẹ̀kùn mẹ́fà sílẹ̀ tí kò sì sọ èyí tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ ṣí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí á ní òun á yàn tó bá yá. Bí ẹ bá ka ìparí yín tí ẹ rí ju ohun kan lọ tí ẹ ní kí òǹkàwé ṣe, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ pa ìyókù rẹ́. Nọ́ńbà fóònù yín lè wà lábẹ́ orúkọ yín. Kò nílò gbólóhùn tirẹ̀.

## Ìparí tó dúró ṣinṣin

Èyí ni a fi ránṣẹ́:

> Àlàájà, ẹ ṣé tí ẹ pè wá. Kí gèlè lè dé ọwọ́ yín ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, tí yóò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ìgbéyàwó, òwú ní láti wà lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ láàárín ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá. Ẹ bá wa wo àwòrán méjì tó wà lókè yìí, kí ẹ kọ "àlàárì" tàbí "ẹtù" ránṣẹ́ sí wa títí Sátidé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá. Bí a bá ti rí i, a ó fi iye àsansílẹ̀ òwú ránṣẹ́, a ó sì kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé ẹbí ti rí ibòmíì, ẹ kọ "a ti rí" ránṣẹ́, kò sí wàhálà kankan.

Ó gùn ju àwọn tó kù lọ díẹ̀. Kò burú, nítorí pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Ọpẹ́ tó wà níbẹ̀, ohun tí Àlàájà ti ṣe ni a fi dúpẹ́ lé: ó pè. A ò sọ pé "a dúpẹ́ fún owó tí ẹ máa san". Bí a bá dúpẹ́ fún ohun tí èèyàn ò tíì ṣe, ńṣe là ń fi ọpẹ́ tì í láti ẹ̀yìn.

Ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ gidi, ibẹ̀ ni mo sì lo àkókò jù pẹ̀lú bàbá. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni gèlè kan àti ìborùn rẹ̀ máa ń gbà. Ó ní nínú ìsọ̀ tòun, fún iṣẹ́ tí kò ní ọnà púpọ̀, ahunṣọ kan ń lo ọjọ́ méjì. Ahunṣọ márùn-ún ló ní. 40 lọ́nà méjì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 80. Bí a bá pín in fún èèyàn márùn-ún, ó di ọjọ́ 16. Ríra òwú àti títa á sílẹ̀ gba ọjọ́ 4. Aṣọ òfì wọn kì í fẹ̀, abala tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun, wọ́n á wá rán an pọ̀. Ìyẹn náà gba ọjọ́ 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 24. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, wọ́n á parí ní Sátidé, ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá. Bàbá ní ká fi ọ̀sẹ̀ kan lé e, nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ kì í pé ọjọ́ lọ́dọ̀ wọn, àìsàn sì lè dé bá ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ọjọ́ 14 ti wá. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni a fi sílẹ̀ fún àsansílẹ̀. Ibẹ̀ ni Sátidé ọjọ́ 3 ti wá.

Ẹ rí i báyìí pé kò sí ẹni tó dá ọjọ́ fún Àlàájà. Ìgbéyàwó rẹ̀ ló dá a, iṣẹ́ inú ìsọ̀ ló sì kà á padà sẹ́yìn. Ohun tó ya ìparí yìí sọ́tọ̀ sí ti akánjú nìyẹn, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ní ọjọ́ nínú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ yín jẹ́ òótọ́, ẹ bi ara yín pé: bí ọjọ́ náà bá kọjá, kí ló máa bàjẹ́ fún oníbàárà? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ yọ ọjọ́ náà kúrò, kí ẹ parí lẹ́tà láìsí i. Lẹ́tà tí kò ní ọjọ́ sàn ju èyí tó ní ọjọ́ irọ́.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí a ní kó ṣe. Kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, "àlàárì" tàbí "ẹtù", tó lè fi ọwọ́ kan tẹ̀ nígbà tó ń dúró de ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìgboyà ni kéèyàn béèrè owó lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò tèmi yàtọ̀. Ìgboyà ni kéèyàn mọ ìgbésẹ̀ tó kàn gan-an, kó sì béèrè ìyẹn nìkan. Bí Àlàájà bá ti yan àwọ̀, iṣẹ́ náà ti di tirẹ̀ lójú ara rẹ̀. Àsansílẹ̀ á wá jẹ́ ohun tó ń tẹ̀ lé ìpinnu tó ti ṣe. Ó sì rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èsì rẹ̀, nítorí náà kò ní máa bẹ̀rù pé bí òun bá dáhùn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun ní gbogbo ìgbà.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn, "kò sí wàhálà kankan", ni ọmọ bàbá bá mi jà lé. Ó ní mo ti ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà láti sá. Mo sọ fún un pé ilẹ̀kùn náà ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Àwa kàn jẹ́ kó mọ̀ pé a mọ̀ ni. Ní 2000, àwọn oníwàádìí méjì ní ilẹ̀ Faransé, Guéguen àti Pascual, ní kí àwọn èèyàn máa tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá. Nígbà tí wọ́n kàn tọrọ rẹ̀ lásán, ẹni 10 nínú 100 ló fún wọn. Nígbà tí wọ́n fi kún un pé ẹ lómìnira láti gbà tàbí kí ẹ kọ̀, iye àwọn tó fún wọn sún mọ́ ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ìwúwo lé gbólóhùn yìí lórí. Nígbà tí Carpenter, oníwàádìí míì, kó ìwádìí 42 irú rẹ̀ jọ ní 2013, ó rí i pé agbára rẹ̀ ń dín kù bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ni èèyàn ń pinnu. Lẹ́tà iye owó kì í sábà gba èsì lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ àti ìgbésẹ̀ kékeré ló ń gbé ìparí yìí dúró. Gbólóhùn òmìnira kàn ń mú kí ó rọrùn gbọ́ ni. Àǹfààní míì tó ní fún ahunṣọ ni pé ó ń mú kí ẹni tó fẹ́ kọ̀ tètè kọ̀, kí wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ náà fún ẹlòmíì.

## Ọ̀rọ̀ ìṣe: èwo ló ń ti èèyàn, èwo ló ń pè é?

Èdè wa ní ọ̀nà púpọ̀ láti sọ pé kí èèyàn ṣe nǹkan, kò sì sí méjì tó dọ́gba. Ẹ wo ohun kan náà báyìí:

| Bí a ṣe sọ ọ́ | Bó ṣe ń dún létí ẹni tó kà á |
|---|---|
| Ẹ gbọ́dọ̀ yan àwọ̀ | Àṣẹ. Bí ẹni pé ó jẹ wá ní gbèsè |
| Ó yẹ kí ẹ ti yan àwọ̀ | Ìbáwí. Ó ti pẹ́ jù |
| Ẹ yan àwọ̀ o | Ìkìlọ̀. "O" yẹn ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ |
| Ẹ lè yan àwọ̀ | Kò dandan. Ó lè má ṣe é |
| Ẹ yan àwọ̀ | Ó yanjú, kò sì ní ìwọ̀sí nítorí "ẹ" |
| Ẹ bá wa yan àwọ̀ | Ó pè é wá sínú iṣẹ́. Ọwọ́ wa jọ wà níbẹ̀ |

Méjì tó kẹ́yìn ni mo máa ń lò. "Ẹ bá wa" dára fún ẹni tó jù wá lọ, nítorí pé ó ń bẹ̀ ẹ́ láìfi ara wólẹ̀. "Ẹ yan àwọ̀" tó fún ẹgbẹ́ wa tàbí oníbàárà tí a ti mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́" kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ti di mẹ́ta nínú ìpínrọ̀ kan, a ti padà sí ìparí ẹlẹ́bẹ̀ nìyẹn. Àmì ìyanu, ẹ fi sílẹ̀ fún ìkíni "ẹ kú oríire" nìkan.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé sí àgbà máa ń bi mí pé, báwo ni ọmọdé ṣe máa dá ọjọ́ fún bàbá tó bí bàbá rẹ̀? Ẹ yí gbólóhùn padà, kó jẹ́ iṣẹ́ ló máa sọ̀rọ̀. Dípò "Ẹ fún wa lésì títí Sátidé", ẹ kọ "Ọjọ́ Mọ́ńdè ni a ó ra òwú". Àgbà á gbọ́ ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tó pàṣẹ fún un.

## Èwo ni ẹ ó yàn fún ta ni?

Bí oníbàárà bá ti béèrè fúnra rẹ̀ bí Àlàájà ti ṣe, ẹ lo ìparí kẹrin bó ṣe rí. Àfihàn ọjọ́ ò ní dún bí ìkánjú sí i, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọjọ́ ìgbéyàwó kalẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tí kò mọ̀ yín rí, ọjọ́ ò ní ìtumọ̀ níbẹ̀, nítorí pé kò tíì ní ìnáwó kan tí ọjọ́ náà so mọ́. Ẹ dín ìgbésẹ̀ kù síi: "Bí ẹ bá fẹ́ rí òwú náà lójú, ẹ kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yín ránṣẹ́, a ó fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́." Ó tán.

Ọ̀ràn kẹta ni ti ẹgbẹ́ tàbí ìgbìmọ̀, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì mú. Bàbá yìí kan náà kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Òmù-Àrán tó fẹ́ rán aṣọ àjọyọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń ka lẹ́tà, òun nìkan ò sì lè yan àwọ̀. Bí a bá ní kó kọ "àlàárì" tàbí "ẹtù" ránṣẹ́, a ti fún un ní iṣẹ́ tí kò lè ṣe, yóò sì dákẹ́ nítorí ìtìjú. Ohun tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: "Ẹ bá wa sọ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yóò jókòó, kí àpẹẹrẹ òwú méjèèjì lè dé ọwọ́ yín ṣáájú ọjọ́ náà." Ní ìpàdé, ẹni kan á ka lẹ́tà sókè, nítorí náà gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan lé lórí gbọ́dọ̀ kúrú débi pé ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè tún un sọ fún ẹni tó pẹ́ dé. Ẹ kà á sókè fún ẹnìkan nílé kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ó bá ní "kí lẹ sọ?", ẹ tún un kọ.

## Bí èsì ò bá dé

Títí Jímọ̀, ọjọ́ 2, Àlàájà ò tíì sọ nǹkan kan. Ọmọ bàbá fẹ́ fi "Àlàájà, a ṣì ń retí yín o" ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní nǹkan tuntun nínú, ìbáwí nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n ya àwòrán gèlè ẹtù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán pọ̀, ní ojúmọmọ níta, kí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àlàájà, bí ẹtù ṣe máa ń rí lójú oòrùn nìyí, nítorí pé ó máa ń dúdú jù nínú àwòrán àkọ́kọ́. Ọ̀la Sátidé la ó ṣètò ọ̀sẹ̀ náà." Ẹ̀ẹ̀kan ni irú ìránnilétí yìí. Bí ìyẹn náà bá kọjá láìsí èsì, ẹ fi ọ̀sẹ̀ náà fún ẹlòmíì, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àlàájà dáhùn ní alẹ́ Jímọ̀ náà: "Ẹtù. Ṣùgbọ́n a ti di 46 o, àwọn ará Ìlọrin pọ̀ sí i. Ṣé ó ṣì máa bọ́ sí i?"

Bàbá gbé e wá fún mi láàárọ̀ Sátidé, a sì jọ tún un ṣírò. 46 lọ́nà méjì jẹ́ ọjọ́ 92. Láàárín ahunṣọ márùn-ún, ó di bí ọjọ́ 19 dípò 16. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lé e, iṣẹ́ á sì parí ní Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, tí ọjọ́ mẹ́ta á ṣì ṣẹ́kù nínú ọ̀sẹ̀ tí bàbá ní ká fi sílẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ fún Àlàájà pé: "Yóò bọ́ sí i. Ọjọ́ 14 ò yí padà. Iye àsansílẹ̀ òwú 46 ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ títí Sátidé ọjọ́ 10, kí a lè lọ ra òwú ní Mọ́ńdè."